UUID ràńdọ́ọ̀mù ń fa dátábéèsì wa sẹ́yìn: ṣé v7 la máa lò ni, àbí Snowflake?

Tómiwá_K

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni mo gbé wá, mo sì fẹ́ gbọ́ ẹnu àwọn tó ti bá a jìjàkadì rí.

Ẹ̀rọ 40 ló ń ṣẹ̀dá ìlà tuntun fún wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ń fún ìlà tirẹ̀ ní nọ́ńbà kó tó dé dátábéèsì, torí pé nọ́ńbà kan náà là ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ètò yòókù tó ń bá tiwa ṣiṣẹ́, wọn ò sì lè dúró de dátábéèsì. Ìdí nìyẹn tí `AUTO_INCREMENT` kò fi lè bá wa ṣe é. Látìbẹ̀rẹ̀, UUID v4 là ń lò, inú `CHAR(36)` la fi í sí, òun náà sì ni kọ́kọ́rọ́ àgbà tábìlì. MySQL ni, InnoDB. Ìlà tó wà nínú rẹ̀ ti tó mílíọ̀nù 200 báyìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó bíi báìtì 300, índẹ́ẹ̀sì márùn-ún mìíràn sì wà lórí tábìlì náà. 32 GB la fún `innodb_buffer_pool_size`.

Nígbà tí tábìlì yìí ṣì kéré, kò sí wàhálà kankan. Ní báyìí, `INSERT` ń fà, bẹ́ẹ̀ CPU kò ṣiṣẹ́ tó nǹkan. Ohun tí kò yé mi ni pé dísìkì ń kàwé gidigidi, nígbà tó jẹ́ pé kíkọ là ń kọ. `SELECT` kò pọ̀ lásìkò yẹn rárá. Kí ló wá ń kà? Àti pé, nínú v7 àti Snowflake, èwo ló máa gbà wá?

Bàyọ̀_Òkúta

Báìtì yín ló pọ̀ jù, Tómiwá. Báìtì 16 péré ni UUID, ẹ wá ń fi lẹ́tà 36 kọ ọ́. Nínú InnoDB, gbogbo índẹ́ẹ̀sì yòókù ló máa ń gbé ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ àgbà dání. Ẹ ṣírò ó: ìlà mílíọ̀nù 200, índẹ́ẹ̀sì márùn-ún, báìtì 36, ó di 36 GB. Ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ nìkan nìyẹn, ó sì ti ju gbogbo mẹ́mọ́rì tí ẹ fún un lọ. Tẹ́ ẹ bá gbé e sínú `BINARY(16)`, ó di 16 GB.

Ẹ lo `UUID_TO_BIN(x, 1)` láti fi yí i padà. 1 tó wà níbẹ̀ yẹn á tún àwọn báìtì rẹ̀ tò kí wọ́n lè tẹ̀léra. Ẹ ò nílò láti pààrọ̀ ohunkóhun mìíràn.

ÌyáDátà

Ìṣirò Bàyọ̀ dáa, mo sì fọwọ́ sí i pé kí `CHAR(36)` kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi 1 yẹn sílẹ̀. UUID v1 ni wọ́n ṣe é fún, torí pé ìdajì aago tó máa ń yára yí ló wà níwájú nínú v1, tí ìdajì tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ wà lẹ́yìn. Pípààrọ̀ ipò wọn ló ń mú kí v1 tẹ̀léra. V4 kò ní aago kankan nínú, ẹ lè pààrọ̀ ipò báìtì rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ràńdọ́ọ̀mù náà ló máa jẹ́. Tó bá wá jẹ́ v7, 1 yẹn máa ba nǹkan jẹ́: á gbé apá tó ní ràńdọ́ọ̀mù síwájú, á sì ti aago sẹ́yìn, ohun tẹ́ ẹ torí rẹ̀ mú v7 á sì bọ́ lọ́wọ́ yín. `UUID_TO_BIN(x)` lásán ni kẹ́ ẹ lò.

Ní ti ìbéèrè Tómiwá gan-an, ìyẹn ohun tí dísìkì ń kà, ibi tí ìlà ń bọ́ sí ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe bó ṣe tóbi tó nìkan.

Nínú InnoDB, tábìlì fúnra rẹ̀ ni índẹ́ẹ̀sì kọ́kọ́rọ́ àgbà. Bí kọ́kọ́rọ́ ṣe tẹ̀léra ni àwọn ìlà ṣe tò sínú ojú-ewé tó jẹ́ 16 KB. Tí ìlà yín bá jẹ́ báìtì 300, ojú-ewé kan á gba bíi 50 tó bá kún. Tí nọ́ńbà tuntun bá wá jẹ́ ràńdọ́ọ̀mù, ojú-ewé èyíkéyìí nínú gbogbo tábìlì ló lè bọ́ sí, kò sì sí èyí tó sún mọ́ ọn ju ìkejì lọ. Kí InnoDB tó lè fi ìlà náà síbẹ̀, ojú-ewé yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú mẹ́mọ́rì. Tí kò bá sí níbẹ̀, á lọ kà á wá láti dísìkì. Kíkà tí ẹ ń rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà tiyín wò ó. Tí ojú-ewé bá kún, tí ìlà tuntun sì fẹ́ wọ àárín rẹ̀, InnoDB máa ń pín in sí méjì, ìdajì níhìn-ín, ìdajì lọ́hùn-ún. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ káàkiri tábìlì, ojú-ewé á máa kún dé ìwọ̀n ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún lápapọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé bíi ìlà 38 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan dípò 50. Ìlà mílíọ̀nù 200 á gba ojú-ewé tó lé ní mílíọ̀nù 5, ó sì máa tó bíi 85 GB. 32 GB ni mẹ́mọ́rì yín. Ká tiẹ̀ ní tábìlì nìkan ló ń lò ó, tí índẹ́ẹ̀sì márùn-ún yẹn kò fọwọ́ kàn án, nínú `INSERT` mẹ́wàá, ó ju mẹ́fà lọ tó máa ní láti ka ojú-ewé kan láti dísìkì kó tó kọ ìlà kan ṣoṣo sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo 16 KB yẹn á tún padà sí dísìkì nítorí báìtì 300.

Tí kọ́kọ́rọ́ bá ń tẹ̀ lé aago, ojú-ewé tó gbẹ̀yìn ni gbogbo ìlà tuntun ń wọ̀. Ó ti wà nínú mẹ́mọ́rì, ìlà bíi 50 á wọ inú rẹ̀ tẹ̀léra, InnoDB á fi bíi ìdá kan nínú 16 sílẹ̀ ní òfìfo, á sì ṣí òmíràn. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa kọ ọ́ sí dísìkì fún gbogbo àádọ́ta náà. Ẹ lè ní tábìlì tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá mẹ́mọ́rì yín, fífi ìlà sí i kò ní mọ̀ ọ́n lára ní apá ibi kọ́kọ́rọ́ àgbà.

Kẹ́ ẹ tó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ẹ yẹ èyí wò lásìkò tó jẹ́ pé `INSERT` nìkan ló ń lọ, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín:

```sql
SHOW GLOBAL STATUS LIKE 'Innodb_buffer_pool_read%';
```

`Innodb_buffer_pool_reads` ni kíkà tó dé dísìkì. Tí ìyàtọ̀ àárín ẹ̀ẹ̀mejì yẹn bá ń bá iye ìlà tẹ́ ẹ fi sí i lọ, ohun tí mo sọ ló ń ṣe yín.

Ṣẹ̀yí_Aláwọ̀

Ẹ dákun, ṣé kì í ṣe pé UUID méjì ń bára wọn mu ni? Ẹ̀rọ 40 ń mú nọ́ńbà láìbá ara wọn sọ̀rọ̀, dátábéèsì á sì máa wá a kiri bóyá nọ́ńbà náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo rò pé wíwá kiri yẹn ló ń gba àkókò. Bó bá jẹ́ èmi, nọ́ńbà tó gùn jù báyìí lọ ni mo máa lò.

ÌyáDátà

Bíbára mu kọ́, Ṣẹ̀yí. V4 ní bíìtì 122 tó jẹ́ ràńdọ́ọ̀mù. Kí ó tó di pé ó ṣeé ṣe kí méjì bára mu ní ìdajì sí ìdajì, ẹ máa ní láti ṣẹ̀dá nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.7 lọ́nà bílíọ̀nù kan. Mílíọ̀nù 200 kò tíì sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, bí orísun ràńdọ́ọ̀mù ẹ̀rọ yín bá ṣáà ti dáa. Nọ́ńbà tó gùn sí i á kàn tún mú kí índẹ́ẹ̀sì wúwo ni.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ tí mi ò fẹ́ kó ṣòfò. Lóòótọ́ ni dátábéèsì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nọ́ńbà ti wà. Àyẹ̀wò yẹn náà ló fà á tí kò fi lè sún kíkà ojú-ewé sí ìgbà mìíràn. Fún índẹ́ẹ̀sì tí kò béèrè pé kí nǹkan jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, InnoDB lè kọ àyípadà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó wá dà á pọ̀ tó bá yá. Fún kọ́kọ́rọ́ àgbà, kò sí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rí ojú-ewé náà lójú ẹsẹ̀.

Àkàndé_Agogo

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ fún Snowflake, torí mo ti gbé pẹ̀lú rẹ̀ pẹ́. Twitter ló gbé e jáde lọ́dún 2010. Bíìtì 64 ni gbogbo rẹ̀, ó bá `BIGINT` mu rẹ́gí. Ẹ ṣe ìṣirò Bàyọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú báìtì 8: ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ nínú índẹ́ẹ̀sì márùn-ún á di 8 GB. Ìdajì ohun tí v7 máa gbà nìyẹn, àǹfààní títẹ̀ lé aago sì wà lára rẹ̀.

```
id = ((ms - epoch) << 22) | (machine << 12) | seq
```

Bíìtì 41 fún mílísẹ́kọ́ọ̀ndì, ó máa gbé e dé bíi ọdún 69 láti ọjọ́ tẹ́ ẹ bá yàn pé kó bẹ̀rẹ̀. Bíìtì 10 fún nọ́ńbà ẹ̀rọ, ìyẹn ẹ̀rọ 1024. Bíìtì 12 fún kíkà nínú mílísẹ́kọ́ọ̀ndì kan, ìyẹn 4096 fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Kò sí bí ẹ ṣe máa lo ìyẹn tán.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni bíìtì 10 àárín yẹn. Ta ló máa fún ẹ̀rọ ní nọ́ńbà rẹ̀? Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, orúkọ ẹ̀rọ ni wọ́n ń mú, wọ́n á sọ ọ́ di nọ́ńbà, wọ́n á sì mú ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn pípín rẹ̀ sí 1024. Ó dà bíi pé ààyè pọ̀, àbí? Ẹ̀rọ 40 nínú ààyè 1024. Ẹ ṣírò ó bí wọ́n ṣe máa ń ṣírò ọjọ́ ìbí: ẹ̀rọ 40 di méjì-méjì lọ́nà 780. Ó ju ìdajì lọ, bíi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún, pé ó kéré tán ẹ̀rọ méjì máa ní nọ́ńbà kan náà. Ó sì ń di ọ̀tun ní gbogbo ìgbà tí orúkọ ẹ̀rọ bá yí padà.

Èyí tó tún burú ni pé `seq` máa ń padà sí òdo nínú mílísẹ́kọ́ọ̀ndì kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ̀rọ méjì tó ní nọ́ńbà kan náà kò nílò iṣẹ́ púpọ̀ kí wọ́n tó kọlu ara wọn. Kí àwọn méjèèjì ṣáà ṣẹ̀dá ìlà nínú mílísẹ́kọ́ọ̀ndì kan náà, ó ti tán. Bí wọ́n bá ń kọ sínú tábìlì kan náà, kọ́kọ́rọ́ àgbà á kọ̀ ọ́, ẹ á rí àṣìṣe `Duplicate entry`. Bí tábìlì bá ti pín sí dátábéèsì púpọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní kọ̀ ọ́, ìlà méjì á wà pẹ̀lú nọ́ńbà kan ṣoṣo títí ẹnì kan á fi dà wọ́n pọ̀.

Ohun tó ṣiṣẹ́ níkẹyìn ni tábìlì kékeré kan tí ẹ̀rọ ti ń yá nọ́ńbà nígbà tó bá ń jí, tó sì ń sọ yíyá náà di ọ̀tun lóòrèkóòrè. Tí ẹ̀rọ kò bá lè sọ ọ́ di ọ̀tun, kó dá iṣẹ́ ṣíṣẹ̀dá nọ́ńbà dúró fúnra rẹ̀. Kí ẹlòmíràn sì má gba nọ́ńbà yẹn títí àkókò yíyá á fi kọjá dáadáa. Àwọn tó ń lo Kubernetes lè mú nọ́ńbà tó wà ní ìparí orúkọ nínú `StatefulSet`, ìyẹn rọrùn jù, níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ `StatefulSet` kan ṣoṣo ló ń kọ.

Tómiwá_K

Ẹ ṣé gan-an, Ọ̀gá Àkàndé. Aago ńkọ́? Àwọn ẹ̀rọ wa máa ń ṣe àtúnṣe aago wọn láti NTP, mo sì ti rí i tí aago padà sẹ́yìn rí.

Àkàndé_Agogo

Ètò Snowflake máa ń rántí mílísẹ́kọ́ọ̀ndì tó lò gbẹ̀yìn. Bí aago bá padà sẹ́yìn sí èyí, kó kọ̀ láti ṣẹ̀dá nọ́ńbà títí aago á fi bá a. Bí Twitter ṣe kọ tiwọn nìyẹn. Bó bá jẹ́ mílísẹ́kọ́ọ̀ndì díẹ̀, ẹ dúró dè é. Bó bá tó ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà pariwo, kó sì jáde.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kì í ronú dé ni pé inú mẹ́mọ́rì ètò ni ìrántí yẹn wà. Bí ètò bá kú, tí aago padà sẹ́yìn, tí ètò sì jí, kò rántí nǹkan kan mọ́, á sì tún fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà tó ti fún èèyàn tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ mílísẹ́kọ́ọ̀ndì tó gbẹ̀yìn sínú tábìlì yíyá tí mo sọ yẹn nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́ di ọ̀tun. Nígbà tí ẹ̀rọ bá jí, kó má bẹ̀rẹ̀ títí aago rẹ̀ á fi kọjá ohun tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àkókò yíyá kan.

Àti pé tí nọ́ńbà yín bá ń dé ojú búráwúsà, ẹ fi ránṣẹ́ bíi ọ̀rọ̀, kì í ṣe bíi nọ́ńbà. JavaScript kò lè gba nọ́ńbà odindi láìyí i padà tó bá ti kọjá 9007199254740991. Nọ́ńbà tó wà ní ìparí á yí, ẹ ò sì ní rí àṣìṣe kankan. Ìdí tí Twitter fi ní `id_str` lẹ́gbẹ̀ẹ́ `id` nìyẹn.

Ẹniọlá_PG

PostgreSQL lèmi ń lò, mo sì ń gbádùn UUID v4 mi. Nínú PostgreSQL, tábìlì kò tò bí kọ́kọ́rọ́ ṣe tò, ibi tí àyè bá wà ni ìlà tuntun ń bọ́ sí. Gbogbo ọ̀rọ̀ ojú-ewé yìí, ti MySQL nìkan ni.

ÌyáDátà

Òótọ́ ni pé tábìlì kò tò, Ẹniọlá, ìyẹn sì dín ìrora kù, torí pé índẹ́ẹ̀sì kéré ju odindi tábìlì lọ. Ṣùgbọ́n índẹ́ẹ̀sì kọ́kọ́rọ́ àgbà ṣì wà, ó ṣì tò, v4 sì ń fọ́n káàkiri inú rẹ̀. Bí índẹ́ẹ̀sì yẹn bá ṣì wọ inú mẹ́mọ́rì rẹ tán, o ò ní rí kíkà. Ibi tí wàá ti kọ́kọ́ rí i ni WAL. Lẹ́yìn `checkpoint` kọ̀ọ̀kan, ìgbà àkọ́kọ́ tí PostgreSQL bá fọwọ́ kan ojú-ewé kan, odindi 8 KB rẹ̀ ló máa kọ sínú WAL. Pẹ̀lú v4, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìlà ló ń fọwọ́ kan ojú-ewé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kàn. Wo bí WAL rẹ ṣe ń tóbi kété lẹ́yìn `checkpoint`, kó o sì wo èyí:

```sql
CREATE EXTENSION pgstattuple;
SELECT avg_leaf_density FROM pgstatindex('events_pkey');
```

Índẹ́ẹ̀sì tó ń kún láti apá ọ̀tún máa ń sún mọ́ 90. Ti v4 á máa yí ká 70. Tó o bá wà lórí PostgreSQL 18, `uuidv7()` ti wà nínú rẹ̀, o ò nílò láti fi ohunkóhun kún un.

Ẹniọlá_PG

71.3 ni mo rí. Mo máa wo ti WAL náà lọ́la. Ẹ ṣeun, Màmá.

Délé_Ọ̀nàJíjìn

Kí gbogbo èèyàn tó sáré lọ sí títẹ̀ lé aago, ẹ bi ara yín léèrè bóyá dátábéèsì yín fúnra rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ kan tàbí púpọ̀. Spanner àti CockroachDB máa ń pín tábìlì sí apá-apá bí kọ́kọ́rọ́ ṣe tẹ̀léra, wọ́n á sì fi apá kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀rọ tirẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ń tẹ̀ lé aago níbẹ̀, apá ìkẹyìn nìkan ni gbogbo kíkọ ń lọ. Ẹ̀rọ kan á máa làágùn, àwọn yòókù á jókòó. Níbẹ̀, v4 gan-an lẹ nílò, torí fífọ́nká tó ń ba Tómiwá jẹ́ ló ń pín iṣẹ́ fún wọn.

Àwọn tó bá sì ń pín Snowflake sí dátábéèsì mélòó kan, ẹ má ṣe lo ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn pípín nọ́ńbà náà. Bí iṣẹ́ kò bá pọ̀, `seq` á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ òdo nígbà gbogbo, bíìtì 12 ìparí á sì jẹ́ òdo. Ẹ pín in sí 16, gbogbo ìlà á lọ sínú dátábéèsì kan ṣoṣo. Ẹ kọ́kọ́ lọ nọ́ńbà náà mọ́ra pẹ̀lú iṣẹ́ háàṣì kan.

Tómiwá_K

MySQL kan ṣoṣo ni tiwa, ọ̀gá, nítorí náà v4 gbọ́dọ̀ kúrò. Ohun tí Ọ̀gá Àkàndé sọ nípa nọ́ńbà ẹ̀rọ ló jẹ́ kí n fẹ́ràn v7 jù. Orúkọ ẹ̀rọ wa ń yí lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó fẹ́ bójú tó tábìlì yíyá láàárín wa. Báìtì 8 tó fi pọ̀ ju Snowflake lọ, a lè gbé e.

Ìbéèrè mi méjì ló kù. Aago ẹ̀rọ 40 kò bára mu pátápátá, ṣé ìyẹn ò ní ba títẹ̀léra jẹ́? Èkejì: ìlà mílíọ̀nù 200 tó ti jẹ́ v4 ńkọ́, ṣé a máa tún fún wọn ní nọ́ńbà ni?

ÌyáDátà

Ti aago: V7 fi bíìtì 48 kọ mílísẹ́kọ́ọ̀ndì síwájú, bíìtì 74 ràńdọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ kan bá fi mílísẹ́kọ́ọ̀ndì 30 sáré ju ìkejì lọ, ìlà wọn á wọ ojú-ewé mélòó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ìparí índẹ́ẹ̀sì, gbogbo wọn ló ti wà nínú mẹ́mọ́rì. Índẹ́ẹ̀sì kò nílò títẹ̀léra tó péye, ó kàn nílò kí ìlà tuntun máa bọ́ sí agbègbè kan náà ni. Bí aago bá tiẹ̀ padà sẹ́yìn, ràńdọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn ṣì ń dáàbò bò yín kí méjì má bára mu. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ máa fi nọ́ńbà yẹn sọ pé ohun kan ṣẹlẹ̀ ṣáájú òmíràn. Ẹ ní kọ́lọ́ọ̀mù aago tiyín fún ìyẹn, òun náà kì í sì í ṣe ẹ̀rí tó dájú láàárín ẹ̀rọ méjì.

Ti ìlà àtijọ́: ẹ má fún wọn ní nọ́ńbà tuntun. Ẹ kàn yí `CHAR(36)` sí `BINARY(16)`, èyí tó máa tún gbogbo tábìlì kọ lẹ́ẹ̀kan, tó sì máa jẹ́ kí ojú-ewé àtijọ́ kún dáadáa lákòókò yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí v7 bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ohun kan máa ṣẹlẹ̀ tó lè dẹ́rù bà yín bẹ́ ẹ bá wò ó: báìtì àkọ́kọ́ v7 ní àsìkò yìí jẹ́ `01`, v4 sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun gbogbo láti `00` dé `ff`. Nítorí náà, ìlà tuntun yín kò ní wà ní ìparí tábìlì, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló máa wà, láàárín àwọn v4 àtijọ́. Kò léwu. Ojú kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀, InnoDB sì ń kíyè sí i pé ìlà ń wọlé tẹ̀léra ní ọ̀nà kan, kò ní máa pín ojú-ewé sí ìdajì-ìdajì.

Bàyọ̀_Òkúta

Mo gbà fún yín lórí 1 yẹn, Ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ tún ti gbàgbé ohun kan. V7 ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀dá ìlà fún ẹnikẹ́ni tó bá rí i. Ká ní nọ́ńbà oníbàárà ni, àwọn èèyàn á mọ ọjọ́ tó forúkọ sílẹ̀, àti mílísẹ́kọ́ọ̀ndì rẹ̀. Èmi ò lè fi í sínú ìkànnì.

Àkàndé_Agogo

Snowflake náà ń sọ ọ́, Bàyọ̀, gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé aago ló ń sọ ọ́. Bó bá ká yín lára, ẹ fi v7 sínú, kẹ́ ẹ fi kọ́lọ́ọ̀mù v4 kan kún un fún àwọn ará ìta.

Bàyọ̀_Òkúta

Kọ́lọ́ọ̀mù yẹn náà máa nílò índẹ́ẹ̀sì tó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, índẹ́ẹ̀sì yẹn sì jẹ́ ràńdọ́ọ̀mù. A tún padà síbi tá a ti ń bọ̀.

ÌyáDátà

Kì í ṣe pátápátá. Ẹ̀ka kan nínú índẹ́ẹ̀sì yẹn á jẹ́ báìtì 16 fún v4, báìtì 16 fún kọ́kọ́rọ́ àgbà, àti díẹ̀ lé e. Ẹ pè é ní 40. Fún ìlà mílíọ̀nù 200, bíi 8 GB, tẹ́ ẹ bá fi òfìfo ojú-ewé kún un, bíi 12 GB. Ìyẹn lè gbé inú mẹ́mọ́rì 32 GB, 85 GB kò lè gbé inú rẹ̀. Bóyá ó yẹ kẹ́ ẹ san owó yẹn nítorí pé ẹlòmíràn lè mọ ìgbà tí ìlà wáyé, ìyẹn wà lọ́wọ́ ohun tí ìlà náà jẹ́. Bàyọ̀ máa san án fún nọ́ńbà oníbàárà, èmi náà máa san án níbẹ̀. Fún àkọsílẹ̀ tí aago rẹ̀ ti wà lójú ìwé tẹ́lẹ̀, mi ò ní san án.

Tómiwá_K

Mo ti gbé e sórí ẹ̀dà ìdánwò kan, pẹ̀lú gbogbo ìlà, mo sì jẹ́ kí ẹ̀rọ 40 máa fi v7 sínú rẹ̀. Ojú-ewé àtijọ́ kún, tábìlì kéré sí i, `INSERT` sì padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n `Innodb_buffer_pool_reads` kò sọ̀kalẹ̀ dé òdo. Ó kéré gan-an sí ti tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ó ń lọ.

Mo yọ àwọn índẹ́ẹ̀sì kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì rí ẹni tó ń kà. Índẹ́ẹ̀sì kan wà lórí háàṣì SHA-256 ohun tó wà nínú ìlà, `UNIQUE` ni, láti má jẹ́ kí ohun kan náà wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Báìtì 32 ràńdọ́ọ̀mù ni.

ÌyáDátà

Háàṣì ni. Kò sí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó lè wo ìyẹn sàn, torí ohun tó wà nínú ìlà ló ń pinnu ibi tó máa bọ́ sí, `UNIQUE` sì ń fi dandan mú un kà á lójú ẹsẹ̀. Ìgbà wo ni ohun kan náà máa ń padà wọlé? Bó bá jẹ́ láàárín wákàtí mélòó kan, nítorí pé ẹ̀rọ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ gbé `UNIQUE` yẹn sórí ọjọ́ àti háàṣì papọ̀, kí ọjọ́ wà níwájú. Ti ọjọ́ òní nìkan ló máa wà nínú mẹ́mọ́rì.

Tómiwá_K

Ó lè padà wọlé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Màmá. Àwọn ètò kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń ka àkọsílẹ̀ àtijọ́ padà sínú.

Délé_Ọ̀nàJíjìn

Ọjọ́ tó wà nínú àkọsílẹ̀ náà ńkọ́, kì í ṣe ọjọ́ tó wọlé? Bí àkọsílẹ̀ kan náà bá padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ àtijọ́, ọjọ́ àtijọ́ yẹn ni `UNIQUE` á bá a pàdé. Kíkà náà á wáyé, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá ń ka àtijọ́ padà nìkan.

Tómiwá_K

Àwọn kan kì í gbé ọjọ́ dání. Mo ní láti mọ bí irú wọn ṣe pọ̀ tó ná. Mo máa kà wọ́n, mo sì máa padà wá síbí.